Àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́: bí àlejò ṣe máa mọ iṣẹ́ yín kó tó pa á dé

Ẹ ṣí wẹ́bùsáìtì àwọn tó ń fi ínfátà àti sólà sílé, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ ò ní pẹ́ kan "Ẹ káàbọ̀ sí ìkànnì wa". Òmíràn á ní "Ibi tí ògidì iṣẹ́ ti pàdé ìmọ̀ ẹ̀rọ", òmíràn á ní "Ojútùú tó péye fún ọ̀la yín". Ẹni tó ń wá oníṣẹ́ ínfátà ti ka gbogbo ìyẹn tán, kò tíì mọ̀ bóyá bátìrì ni wọ́n ń tà, bóyá èyí tó bàjẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe, bóyá Èkó ni wọ́n wà tàbí Ìbàdàn. Kò ní jókòó máa wá ìdáhùn kiri. Á padà sí Google, á tẹ ẹni tó kàn.

Kọ́ńdọ́ọ̀ mọ́tò ní Ìwó Road kì í kí èrò káàbọ̀. "Dùgbẹ̀! Dùgbẹ̀!" ló ń pariwo: ẹni tó ń lọ Dùgbẹ̀ á wọlé, ẹni tí kò lọ á kọjá. Ohun tí àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́ wà fún gan-an nìyẹn, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ilé iṣẹ́ ínfátà kékeré kan ní Ìbàdàn la máa fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Yorùbá la fi kọ àwọn àkọlé inú rẹ̀, àmọ́ ẹni tó fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ tirẹ̀ lè gba ọ̀nà kan náà.

## Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí oníbàárà 20 fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wásáàpù, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an.
- Ohun kan nípa iṣẹ́ yín tó ṣeé fi nọ́ńbà sọ, tẹ́ ẹ sì lè dúró lórí rẹ̀ bí oníbàárà bá bi yín léèrè lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.
- Fóònù olówó pọ́ọ́kú kan. Ẹ má fi kọ̀ǹpútà dán an wò. Fóònù ni ọ̀pọ̀ àlejò yín máa fi wọlé.
- Ènìyàn márùn-ún tí kò mọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń ṣe. Ìyàwó, ọkọ, ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ kò sí nínú wọn.

## 1. Ẹ kó ọ̀rọ̀ ẹnu oníbàárà jọ

Ẹ da àwọn ọ̀rọ̀ 20 náà kọ sórí ìwé kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà sábẹ́ ohun méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan: orúkọ tí oníbàárà pe ohun tó fẹ́ rà, àti ohun tó ń dà á láàmú. Ohun tẹ́ ẹ máa rí máa jọ èyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. Èló ni ínfátà tó lè gbé fíríìjì?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, owó epo jẹnẹrétọ̀ ti sú mi. Mo fẹ́ ínfátà tó máa gbé wa di àárọ̀."

"Ṣé ẹ máa ń wá sí Àkóbọ̀? Fáànù àti tẹlifíṣọ̀n nìkan ni mo fẹ́ fi ṣe."

Kò sẹ́ni tó béèrè "ojútùú agbára àtúnlò" nínú wọn. Ínfátà ni wọ́n pè é. Ohun tó ń jẹ wọ́n lọ́kàn sì ni fíríìjì, fáànù àti bí ilẹ̀ ṣe máa mọ́. Ẹ ti ní ọ̀rọ̀ tó wúlò jù fún àkọlé yín, ẹ kò sì tíì kọ ohunkóhun.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: Ọ̀pọ̀ ń tún ọ̀rọ̀ oníbàárà "ṣe" kó tó wọ ojú ìwé, nítorí wọ́n rò pé kò gbayì tó. Oníbàárà ní "ínfátà", wọ́n sọ ọ́ di "ẹ̀rọ ìpèsè agbára". Ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ tí ẹni náà tẹ̀ sínú Google ni ojú rẹ̀ ń wá lórí ojú ìwé yín. Tí kò bá rí i, á rò pé ibòmíràn ni òun ṣì wọ̀. Ẹ má sì ka ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ yín mọ́ ti oníbàárà. Àwọn á béèrè fólítì àti irú bátìrì, onílé kò ní béèrè ìyẹn.

Àyẹ̀wò: Ó yẹ kí orúkọ kan fara hàn nínú ó kéré tán 10 lára ọ̀rọ̀ 20 náà. Orúkọ yẹn ló gbọ́dọ̀ wà nínú àkọlé. Bó bá jẹ́ pé orúkọ méjì ló ń du ipò yìí, bí ínfátà àti sólà, ẹ mú èyí tó pọ̀ jù, kẹ́ ẹ fi èkejì sí ìlà tó tẹ̀lé e.

## 2. Ẹ kọ gbólóhùn kan tí kò ní ẹwà kankan

Ẹ fi ohun mẹ́ta kún àyè yìí: a ń ṣe *kí ni*, fún *ta ni*, ní *ibo*.

"A ń fi ínfátà sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn."

Kò dùn létí, kò sì burú bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá dúró síbí, tẹ́ ẹ gbé e sójú ìwé báyìí, ó ti sàn ju "Ẹ káàbọ̀" lọ fíìfíì.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù níbí. "A ń pèsè", "a ń mú wá" àti "a wà fún" kò sọ ohun tí ọwọ́ yín ń ṣe. "A ń fi sílé", "a ń tà", "a ń tún ṣe", "a ń yáni" ló sọ ọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń ta ínfátà nínú páálí àti èyí tó ń wá fi í sí ara ògiri kì í ṣe iṣẹ́ kan náà, ọ̀rọ̀-ìṣe yìí nìkan ló sì máa ya wọ́n sọ́tọ̀ lójú àlejò.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: Iṣẹ́ mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wà nínú àkọlé: ínfátà, kámẹ́rà ààbò, wáyà iná ara fẹ́ǹsì, àti títún fíríìjì ṣe. Àkọlé tó ní iṣẹ́ mẹ́rin kò ní ọ̀kankan. Ẹ wo ìwé owó oṣù mẹ́ta tó kọjá, kẹ́ ẹ mú iṣẹ́ tó mú owó wọlé jù. Àwọn tó kù ní àyè tiwọn nísàlẹ̀ ojú ìwé. Ó máa ń dun oníṣẹ́ láti gé e báyìí, àmọ́ ẹni tó ń wá kámẹ́rà á rí ojú ìwé kámẹ́rà bẹ́ ẹ bá ṣe ọ̀kan fún un.

Àyẹ̀wò: Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ ọjà nínú gbólóhùn yín, kẹ́ ẹ fi "oúnjẹ ìnáwó" rọ́pò rẹ̀. Bí gbólóhùn náà bá ṣì bọ́gbọ́n mu fún alásè, kò tíì sọ nǹkan kan nípa yín. "Ojútùú tó péye fún ọ̀la yín" bọ́gbọ́n mu fún alásè, fún agbẹjọ́rò, àti fún ẹni tó ń ta oògùn eku. "A ń fi oúnjẹ ìnáwó sí ilé àti ṣọ́ọ̀bù" kò bọ́gbọ́n mu rárá, nítorí náà tiwa yege.

## 3. Ẹ fi àbájáde kan kún un, kẹ́ ẹ sì ṣírò rẹ̀

Àbájáde ni ohun tó máa yàtọ̀ nílé oníbàárà lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kúrò níbẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ tá a kó jọ, "kó gbé fíríìjì" àti "di àárọ̀" ló ń padà wá. Ṣùgbọ́n ká tó kọ ọ́ pé ínfátà wa ń gbé fíríìjì mọ́jú, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ká sọ pé bátìrì lítíọ́ọ̀mù 5 kWh, ìyẹn 5,000 wátì-wákàtí, ni ilé iṣẹ́ yìí sábà máa ń lò. Ẹ má ka gbogbo rẹ̀. Ẹ ka ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kí bátìrì má baà máa gbẹ tán lójoojúmọ́. Ìyẹn jẹ́ 4,000 wátì-wákàtí. Ẹ yọ nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ, ó ku 3,600.

Ẹ wá ka ẹrù ilé. Fíríìjì kan, tá a bá pín ìgbà tó ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tó ń sinmi papọ̀, nǹkan bíi 80 wátì. Fáànù méjì, 140. Tẹlifíṣọ̀n kan, 100. Gílóòbù mẹ́fà, 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 380 wátì. Ẹ pín 3,600 sí 380, ẹ máa rí wákàtí mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ sí aago mẹ́fà àárọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́sàn-án. "Mọ́jú" jẹ́ òótọ́, a lè kọ ọ́:

"A ń fi ínfátà tó ń gbé fíríìjì mọ́jú sí ilé yín ní Ìbàdàn."

Ibi tí wọ́n ti ń ṣìnà: "Iná wákàtí 24". Ẹ gbé ẹ́síì 1.5 hp kan sórí bátìrì yìí kan náà. Bí kọ́ńpírẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń jẹ 1,200 wátì láìsinmi, wákàtí mẹ́ta péré ni 3,600 máa gbé e, láìtíì tan gílóòbù kan. Ẹni tó ka "wákàtí 24" lójú ìwé yín á so ẹ́síì mọ́ ọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìbínú rẹ̀ á sì dé orí fóònù yín kí ọ̀gànjọ́ tó tó. Bẹ́ ò bá ní nọ́ńbà tẹ́ ẹ lè ṣírò, ẹ fi àbájáde sílẹ̀ pátápátá, kẹ́ ẹ lo gbólóhùn ìgbésẹ̀ kejì bó ṣe wà.

Àyẹ̀wò: Ẹ ka àkọlé náà fún ọmọ iṣẹ́ yín tó ń gun àjà. Bó bá ní "Ó sinmi lórí...", ẹ béèrè ohun tó sinmi lé, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní iṣẹ́ láti ṣe ní ìgbésẹ̀ karùn-ún.

## 4. Ẹ wọ̀n ọ́n lórí fóònù

Ojú ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú fẹ̀ tó píkísẹ́lì 360 nínú ìṣirò wẹ́ẹ̀bù. Ẹ yọ àlàfo 16 lọ́tùn-ún àti 16 lósì, ó ku 328. Bí lẹ́tà àkọlé bá jẹ́ píkísẹ́lì 30, nǹkan bíi lẹ́tà 21 tàbí 22 ló máa wọ ìlà kan. Ìlà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ fi ṣe òpin, nítorí náà àkọlé kò gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 60 sí 65 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Àkọlé wa jẹ́ 56. Á pín báyìí lórí fóònù:

A ń fi ínfátà tó ń gbé
fíríìjì mọ́jú sí ilé
yín ní Ìbàdàn

Ó wọlé. Bí tiyín bá gùn jù, ọ̀rọ̀ àpọ́nlé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yọ: "tó dára jù", "tó dáńgájíá", "tó ṣeé gbọ́kàn lé". Kò sí àlejò tó gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ń tajà. Orúkọ ìlú ni kẹ́ ẹ yọ kẹ́yìn, bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ dé ilé oníbàárà kẹ́ ẹ tó ṣiṣẹ́.

## 5. Ẹ kọ ìlà méjì tó tẹ̀lé e, àti bọ́tìnnì

Àkọlé ti sọ iṣẹ́ náà. Ìlà tó tẹ̀lé e kò gbọ́dọ̀ tún un sọ lọ́nà míràn. Ohun tí àlejò fẹ́ béèrè tẹ̀lé e ni kó dáhùn. Ẹ padà sí ọ̀rọ̀ oníbàárà 20 náà, kẹ́ ẹ wo ìbéèrè kejì tí wọ́n máa ń béèrè. Fún iṣẹ́ ínfátà, ó sábà máa ń jẹ́ ohun tó lè gbé, àti bí owó rẹ̀ ṣe ń lọ. A lè kọ ọ́ báyìí:

"Bátìrì 5 kWh ń gbé fíríìjì kan, fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan àti gílóòbù mẹ́fà láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ di mẹ́fà àárọ̀, kò wà fún ẹ́síì. A máa wá wo ilé yín, a ó kọ iye owó sílẹ̀ fún yín, kẹ́ ẹ tó san ohunkóhun."

"Kò wà fún ẹ́síì" ni ọ̀pọ̀ oníṣòwò máa fẹ́ pa rẹ́. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ẹ́síì máa mọ̀ pé nǹkan tó tóbi ju èyí lọ lòun nílò, á sì béèrè rẹ̀ tààrà. Ẹni tí kò fẹ́ ẹ́síì á rí i pé ẹni tó mọṣẹ́ ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ohun tí ọmọ iṣẹ́ yín sọ pé "ó sinmi lórí" rẹ̀, àyè rẹ̀ nìyí.

Bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. "Mọ̀ sí i" kò sọ nǹkan kan. "Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbé, lórí Wásáàpù" sọ ibi tó ń lọ àti ohun tí ẹni náà máa kọ bó bá débẹ̀. Bọ́tìnnì kan péré ni kó wà lókè. Bọ́tìnnì méjì tó jọra ní ìwọ̀n àti àwọ̀ á mú kí ẹni náà kọ́kọ́ máa rò ó.

Àyẹ̀wò: Ẹ pa àkọlé mọ́, kẹ́ ẹ ka ìlà méjì náà nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ohun méjì tí àkọlé kò sọ. Bí kò bá ní, àsọtúnsọ ni.

## 6. Ẹ gbé e sójú ìwé láìjẹ́ kí nǹkan míràn bò ó

```html
<html lang="yo">
<meta charset="utf-8">
<meta name="viewport" content="width=device-width, initial-scale=1">
<title>Ínfátà fún ilé ní Ìbàdàn | Orúkọ ilé iṣẹ́</title>

<h1>A ń fi ínfátà tó ń gbé fíríìjì mọ́jú sí ilé yín ní Ìbàdàn</h1>
<p>Bátìrì 5 kWh ń gbé fíríìjì kan, fáànù méjì…</p>
<a href="https://wa.me/234XXXXXXXXXX">Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kó gbé, lórí Wásáàpù</a>
```

`h1` ni àkọlé ńlá ojú ìwé. Ọ̀kan ṣoṣo ni kó wà, kó má sì jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́. Nínú `title`, ìyẹn àkọlé tó máa ń hàn nínú àbájáde Google, iṣẹ́ ló ń ṣáájú, orúkọ yín ló ń tẹ̀lé, nítorí Google máa ń gé ìparí èyí tó bá gùn jù. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé `wa.me/` kò ní àmì ìròpọ̀, kò sì ní òdo ìbẹ̀rẹ̀. 234 ló ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún fóònù Nàìjíríà.

Ibi tí àkọlé dáadáa ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyí. Èkíní, wọ́n á kọ ọ́ sára àwòrán. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ́ra, àwòrán kò tètè dé, àlejò á máa wo funfun balau. Lẹ́tà gidi ni kẹ́ ẹ lò. Èkejì, wọ́n á fi àwọn àwòrán tó ń yí síbẹ̀, àkọlé mẹ́ta lórí mẹ́ta. Èyí tó ṣe pàtàkì lè ti yí kọjá kí àlejò tó kà á dé ìdajì. Ẹ mú ọ̀kan, kẹ́ ẹ pa ìyókù. Ẹ̀kẹta, lẹ́tà funfun lórí àwòrán ojú ọ̀run. WCAG, òṣùwọ̀n tó wà kí wẹ́bùsáìtì lè rọrùn fún gbogbo ènìyàn láti lò, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà àti ẹ̀yìn rẹ̀ tó 4.5 sí 1, tàbí 3 sí 1 fún lẹ́tà ńlá. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni kẹ́ ẹ gbé lẹ́tà dúdú sórí ẹ̀yìn funfun, kí àwòrán wà nísàlẹ̀. Àwòrán náà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ínfátà tẹ́ ẹ fi sára ògiri ní tòótọ́, kì í ṣe ti òyìnbó tó dé akoto tó ń rẹ́rìn-ín sí àwọsánmà.

Ẹni tó ń fi Yorùbá kọ ọ́ ní wàhálà kan sí i: fọ́ńtì. Àwọn fọ́ńtì kan ń gbé àmì ohùn kúrò lórí "ọ́" tàbí kí wọ́n fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ "mọ́jú" àti "ẹ̀rọ" ní ìwọ̀n àkọlé, kẹ́ ẹ wò ó lórí fóònù. Bó bá fọ́, ẹ gbìyànjú Noto Sans.

Àyẹ̀wò: Ẹ pa Wi-Fi, kẹ́ ẹ fi détà ṣí ojú ìwé náà lórí fóònù olówó pọ́ọ́kú. Láìfọwọ́ fa á rárá, àkọlé, ìlà àkọ́kọ́ àti bọ́tìnnì gbọ́dọ̀ wà lójú. Bí àpótí kúkì tàbí àwòrán Wásáàpù tó léfòó bá bo ọ̀kan nínú wọn, ẹ sún un.

## 7. Ẹ dán an wò fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún

Ẹ gbé fóònù fún ẹnì kan nínú àwọn márùn-ún yẹn. Ẹ má sọ ohun tó fẹ́ rí. Ẹ ka márùn-ún sínú, ẹ gba fóònù padà, kẹ́ ẹ béèrè: "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Ibo ni wọ́n wà? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀, kí lẹ máa tẹ̀?" Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ẹnu wọn, láìtún un ṣe.

Ẹ má béèrè "Ṣé ó dára?" Ọmọ Yorùbá tó gbẹ̀kọ́ ilé kò ní sọ fún yín lójú yín pé kò dára. Ẹni kọ̀ọ̀kan ò sì ṣeé lò ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí nígbà kejì ó ti mọ ìdáhùn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ náà tọ̀nà. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àṣìṣe wọn ló máa fi ibi tó ti bàjẹ́ hàn. "Wọ́n ń ta bátìrì" túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀-ìṣe kò hàn, tàbí pé bátìrì nìkan ló wà nínú àwòrán. "NẸ́PÀ ni" túmọ̀ sí pé òpó iná wà níbì kan lójú ìwé. Ẹ yọ ọ́. "Wọ́n ń ta fíríìjì" lè ṣẹlẹ̀ sí àkọlé tiwa gan-an, nítorí fíríìjì wà nínú rẹ̀. Bí ẹni méjì bá sọ bẹ́ẹ̀, ẹ yí i padà sí "A ń fi ínfátà tó ń tanná mọ́jú sí ilé yín ní Ìbàdàn", kí fíríìjì lọ dúró sí ìlà kejì. Bí wọn kò bá rántí ibi tẹ́ ẹ wà, ẹ gbé orúkọ ìlú sún mọ́ iwájú: "Ní Ìbàdàn, a ń fi..." Lẹ́yìn àtúnṣe, ẹ wá ènìyàn márùn-ún míràn.

Nígbà tó bá ti wà lójú ìwé, ẹ kó ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ oníbàárà 20 míràn jọ, kẹ́ ẹ fi wé ti tẹ́lẹ̀. Bí "Ṣé Ìbàdàn lẹ wà?" bá ṣì ń wọlé, wọn kò rí ìlú náà. Bí "Kí lẹ ń tà gan-an?" bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kejì. Bó bá jẹ́ "Fíríìjì kan, fáànù mẹ́ta, Àkóbọ̀ ni mo wà, ìgbà wo lẹ lè wá wò ó?" ni wọ́n ń kọ, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.